Lẹ́tà Ìdásílẹ̀ sí Dókítà Ẹbí

Nọ́ńbà fáìlì: 4471. Obìnrin, ẹni ọdún 64.
Ọjọ́ tí a gbà wọ́n: 3 oṣù kẹta, 2025. Ọjọ́ tí wọ́n padà sílé: 8 oṣù kẹta, 2025.

Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ kú ìtọ́jú Ìyá yìí látẹ̀yìnwá.

Ohun tí ó ṣe wọ́n
1. Òtútù àyà, ní ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró ọ̀tún.
2. Kíndìnrín tó dákú lójijì. Ó ti ń bọ̀ sípò.
3. Àtọ̀gbẹ tí kò sí ní ìkáwọ́: àyẹ̀wò ṣúgà olóṣù mẹ́ta jẹ́ 9.1%.
4. Ẹ̀jẹ̀ ríru, èyí tí ẹ ti mọ̀.

Bó ṣe rí
Ọjọ́ márùn-ún ni ibà àti ikọ́ ti ń bá wọn jà kí wọ́n tó dé. Wọn kò lè jẹun, omi pàápàá kò wọlé dáadáa, síbẹ̀ wọ́n ń lo lisinopírílì, wọ́n sì ń ra ibupurofẹ́nì lò fún ara ríro. Kiriatiníìnì wọn jẹ́ 198; 82 ni èyí tí ẹ ṣe lọ́dún tó kọjá. Lójú tèmi, ibupurofẹ́nì yẹn àti àìtó omi lára ló fa ti kíndìnrín, kì í ṣe àtọ̀gbẹ. Nígbà tí wọ́n ń lọ, ó ti wálẹ̀ sí 96.

Ìtọ́jú
Ọ́síjìn fún ọjọ́ méjì, omi dírípù, sẹfitiriasóònù gíráàmù 2 lóòjọ́ àti asitiromaisíìnì mílígíráàmù 500 lóòjọ́, méjèèjì fún ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, amọsisilíìnì pẹ̀lú kilafulanéètì, 625 lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́; alẹ́ ọjọ́ 9 ni yóò parí.

Oògùn tí a yí padà
Lisinopírílì: a dá a dúró.
Mẹtifọmíìnì: 500 lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, pẹ̀lú oúnjẹ. Gíráàmù 1 lẹ́ẹ̀mejì ló wà lórí káàdì wọn, ṣùgbọ́n Ìyá jẹ́wọ́ fún nọ́ọ̀sì pé àwọn kì í lò ó déédéé torí pé ó ń da inú àwọn rú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rọra bi wọ́n.
Amulodipíìnì 5: kò yí padà. Ìfúnpá ọjọ́ tí wọ́n lọ jẹ́ 148/86.
Ibupurofẹ́nì àti irú rẹ̀: kí wọ́n má lò ó mọ́. A ti sọ fún ọmọ wọn pẹ̀lú.

Ohun tí a ń bẹ̀ yín fún
Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹta, ẹ yẹ kiriatiníìnì àti pọtasíọ́ọ̀mù wò. Bí méjèèjì bá dára, ẹ dá lisinopírílì padà ní 5, kí ẹ sì tún ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ẹ lè wá máa gbé mẹtifọmíìnì sókè díẹ̀díẹ̀.
Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ tún àwòrán àyà yà, kódà bí ikọ́ bá ti lọ pátápátá. Bí òjìji yẹn bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ dá wọn padà sí wa.
Abẹ́rẹ́ àjẹsára òtútù àyà: wọn kò tíì gbà á rí.

Èsì tó kù
Àyẹ̀wò kíákíá fún ikọ́ ẹ̀gbẹ kò rí nǹkan kan. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tí wọ́n gbìn sí yàrá ìwádìí lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ. Àwa ni a ó tọpa ìyẹn, a ó sì kọ̀wé sí yín.

Dókítà wọ́ọ̀dù, Ẹ̀ka Ìṣègùn Àgbàlagbà