Ọ̀rọ̀ Olórí Ẹ̀ka Ìmọ̀ Ìtàn sí Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Tuntun lórí Lílo Ọgbọ́n Àtọwọ́dá

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì wa, ẹ̀yin ọmọ wa tuntun, mo kí gbogbo yín. Ẹ kú orí ire. Ẹ kú wàhálà JAMB, ẹ kú ìnira ìforúkọsílẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín kò tíì rí ilé gbà, àwọn mìíràn sì ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ láti Ṣágámù àti Ìkẹ́nnẹ́ láàárọ̀ yìí ni. Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú á gbà yín, ẹ ó sì rí ṣe níbẹ̀.

Àwọn olùkọ́ tó kù á bá yín sọ̀rọ̀ nípa tẹ́ẹ̀sì, ìdánwò àti ìwé tí ẹ máa kà. Èmi fẹ́ sọ ti ọgbọ́n àtọwọ́dá, ìyẹn ChatGPT, Gemini àti irú wọn tó wà lórí fóònù yín. Ìparí ọdún 2022 ni ChatGPT jáde sí gbangba, nígbà tí ọ̀pọ̀ yín ṣì wà nílé ẹ̀kọ́ girama. Ẹ ti mọ̀ ọ́n lò kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ wa, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó síbí bí ẹni tí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Ẹ̀ka yìí kò fòfin dè é. Ohun méjì là ń béèrè lọ́wọ́ yín: kí èrò tó wà nínú iṣẹ́ yín jẹ́ tiyín, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ fi ẹ̀rọ ṣe fún wa láì fi nǹkan kan pamọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa bó ṣe ń ṣiṣẹ́, torí ẹni tó bá mọ ìyẹn kò ní tètè fọkàn tán an. Ọ̀rọ̀ tó pọ̀ kọjá kíkà ni wọ́n fi kọ́ ọ: ìwé, ìròyìn, ojú-ewé orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Níbẹ̀ ló ti mọ irú ọ̀rọ̀ tó sábà máa ń tẹ̀lé ara wọn. Tí ẹ bá bi í ní nǹkan, èyí tó bá jọ pé ó yẹ kó tẹ̀lé e ni á máa tò sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò lọ sí ibi ìkówèésí kankan lọ ṣí ìwé wò. Àwọn kan nínú wọn máa ń wá nǹkan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó dáhùn, ṣùgbọ́n àwọn náà máa ń ṣi ohun tí wọ́n kà gbọ́. Ìdí nìyẹn tí ohùn rẹ̀ fi máa ń dá ṣáṣá, ìbáà jẹ́ òótọ́ ló ń sọ, ìbáà jẹ́ irọ́. Á fún yín ní orúkọ ìwé, orúkọ òǹkọ̀wé, ọdún tí ìwé jáde àti ojú-ewé, ẹ ó wá ìwé náà títí, ẹ kò ní rí i, nítorí kò sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ láyé.

Ní 2023, àwọn agbẹjọ́rò kan ní New York kó àwọn ẹjọ́ àtijọ́ tí ChatGPT tò fún wọn lọ síwájú adájọ́. Mẹ́fà nínú àwọn ẹjọ́ náà kò ṣẹlẹ̀ rí. Adájọ́ bu ìtanràn $5,000 lé wọn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn nínú ọ̀rọ̀ yẹn kọjá àṣìṣe tí wọ́n ṣe. Nígbà tí wọ́n bi wọ́n pé ibo ni ẹjọ́ wọ̀nyí wà, wọn kò jẹ́wọ́, wọ́n dúró ti irọ́ náà. Adájọ́ sọ ọ́ gbangba nínú ìdájọ́ rẹ̀ pé ká ní wọ́n ti sọ òótọ́ nígbà náà ni, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ tó sún mọ́ mi lọ́kàn jù. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ẹ máa ṣe fún wa dá lórí Ogun Ìmàgbọ̀n, ní oṣù Karùn-ún ọdún 1892, nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó wà ní Èkó kógun ti Ìjẹ̀bú. Ẹ bi ẹ̀rọ léèrè. Á sọ fún yín pé Ìjẹ̀bú ló ń ṣàkóso ọ̀nà òwò láti etí ọ̀sà lọ sí òkè, pé Denton, adelé gómìnà Èkó, wá sí Ìjẹ̀bú-Òde ní 1891, pé wọ́n ṣe àdéhùn ní Èkó ní oṣù Kìíní 1892, pé Gómìnà Carter sọ pé Ìjẹ̀bú yẹ àdéhùn, pé àwọn ọmọ ogun gba Ẹ̀pẹ́ wọlé, pé ìbọn Maxim ló ṣẹ́gun. Púpọ̀ nínú rẹ̀ á jẹ́ òótọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín pé ta ló kọ ìwé tí ẹ̀rọ náà kà. Lẹ́tà gómìnà ni. Ìròyìn àwọn ọ̀gágun sí ìjọba wọn ni. Àkọsílẹ̀ àwọn míṣọ́nnárì tí Ìjẹ̀bú kò fún láyè ni. Ọwọ́ àwọn tó ṣẹ́gun ni kálámù wà, ìwé wọn ló wà ní àkójọ ní Lọ́ńdọ̀nù, òun ni àwọn ọ̀mọ̀wé kà, òun náà ló kún orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ohun tí àwọn ará abúlé ojú ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ sí Ìjẹ̀bú-Òde fi ojú ara wọn rí, ìdí tí àwọn ọmọ ogun Ìjẹ̀bú fi rò pé àwọn lè dá Gẹ̀ẹ́sì dúró, ìjà tó ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn àgbà ìlú lórí bóyá kí wọ́n ṣílẹ̀kùn tàbí kí wọ́n tì í, púpọ̀ nínú ìwọ̀nyí wà lẹ́nu àwọn ìdílé, nínú oríkì, nínú orúkọ àdúgbò. Ẹnikẹ́ni kò tíì kọ ọ́ síbi tí ẹ̀rọ lè kà á.

Ẹni tó bá da ìdáhùn ẹ̀rọ kọ, tó fi orúkọ ara rẹ̀ sí i, ohun tó ṣe ni pé ó tún jẹ́ kí àwọn tó ṣẹ́gun baba wa sọ ìtàn náà nígbà kejì. Ó sì fi orúkọ ọmọ Ìjẹ̀bú tẹ̀ ẹ́ lóǹtẹ̀ fún wọn. Ìyẹn dùn mí ju kí akẹ́kọ̀ọ́ kàn gba àmì tí kò tọ́ sí i lọ. Ẹ̀yin tí ẹ wá láti ibòmíràn, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín. Ẹ wo ogun tàbí ìtàn ìlú tiyín, ẹ ó bá ohun kan náà níbẹ̀.

Bákan náà ni ti Erédò Súngbọ́, yàrà àti odi tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká ní nǹkan bí 160 kìlómítà. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé Bilikísù Súngbọ́ tó sùn ní Òkè-Ẹ̀rì ni ayaba Ṣébà. Àwọn awalẹ̀pìtàn ní yàrà náà fi ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún kéré sí ìgbà Ṣébà. Ẹ̀rọ lè po méjèèjì pọ̀ di gbólóhùn kan tó dán. Iṣẹ́ yín ni kí ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀, kí ẹ sọ irú ẹ̀rí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní, kí ẹ má sì fojú tẹ́ńbẹ́lú èyíkéyìí.

Kí wá ni ẹ lè fi ṣe? Ẹ lè ní kó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ tó ta kókó nínú ìwé tí ẹ ń kà. Ẹ lè ní kó máa bi yín ní ìbéèrè kí ẹ tó wọ tẹ́ẹ̀sì. Tí ẹ bá ti kọ iṣẹ́ yín tán, tí Gẹ̀ẹ́sì yín kò sì gún, ẹ lè ní kó tọ́ka sí ibi tí gírámà ti wọ́, ẹ̀yin ni kí ẹ tún un ṣe. Ẹ má jẹ́ kó bá yín kọ ìpínrọ̀ kankan. Ẹ má ní kó wá ìwé ìtọ́kasí fún yín láìjẹ́ pé ẹ ti fọwọ́ ara yín ṣí ìwé náà. Ìwé tí ẹ kò kà, ẹ kò gbọdọ̀ fi orúkọ rẹ̀ sínú iṣẹ́.

Nǹkan kan tún wà tí mi ò fẹ́ gbọ́ láé. Ẹ máa lọ bá àwọn bàbá àti ìyá àgbà, wọ́n á sọ ìtàn ìdílé wọn fún yín, ẹ ó sì gbà á sílẹ̀ lórí fóònù. Ẹ má gbé ohùn wọn tàbí orúkọ wọn sínú ẹ̀rọ kankan láìgba àṣẹ lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀yin ni wọ́n bá sọ̀rọ̀, wọn kò bá ilé iṣẹ́ òkè òkun sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn gbogbo iṣẹ́, ẹ máa kọ gbólóhùn díẹ̀ sísàlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ka irú rẹ̀: “Mo ní kí ChatGPT ṣàlàyé ohun tí àdéhùn 1892 túmọ̀ sí. Ó sọ ọjọ́ kan tí kò bá ìwé tí mo kà mu, ìwé ni mo tẹ̀lé. Mo tún ní kó wo gírámà ìpínrọ̀ kẹta àti ìkẹrin. Èmi ni mo kọ ìyókù.” Ó tán. Tí ẹ kò bá lò ó rárá, ẹ kọ ìyẹn náà. Kò sẹ́ni tó máa pàdánù àmì torí ohun tó sọ níbẹ̀. Ẹni tó fi pamọ́ ni ọ̀rọ̀ máa bá.

Ẹ lè fẹ́ mọ bí a ó ṣe mọ̀. A kò ní fi ẹ̀rọ tó ń ṣàwárí iṣẹ́ ẹ̀rọ dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ilé iṣẹ́ OpenAI tó ṣe ChatGPT fúnra wọn ṣe irú rẹ̀, wọ́n sì kó o nílẹ̀ ní oṣù Keje 2023 nítorí kì í sọ òótọ́ tó bó ṣe yẹ. Lọ́dún yẹn kan náà, àwọn olùwádìí ní Stanford rí i pé irú àwọn ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ máa ń pe iṣẹ́ àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí wọn ní iṣẹ́ ẹ̀rọ, bẹ́ẹ̀ àwọn ènìyàn náà ló fọwọ́ ara wọn kọ ọ́. Ẹ̀yin gan-an ni irú ìyà bẹ́ẹ̀ lè jẹ. Nítorí náà, tí iṣẹ́ kan bá rú olùkọ́ lójú, á pè yín, ẹ ó jókòó, ẹ ó sì fẹnu ṣàlàyé ohun tí ẹ kọ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ lè mú ọ̀rẹ́ kan dání. Ẹ máa tọ́jú ìwé tí ẹ fi ń ṣe àkọsílẹ̀ àti ohun tí ẹ kọ́kọ́ kọ kí ẹ tó tún un ṣe, kí ẹ má jù ú nù títí èsì fi máa jáde.

Ẹni tí kò bá lè ṣàlàyé iṣẹ́ ara rẹ̀, á tún un kọ nínú ibi ìkówèésí, lójú wa, lórí ìdajì àmì. Tó bá ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, òdo ni, orúkọ rẹ̀ á sì dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ ìdánwò. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wá bá mi kí ọjọ́ ìfiṣẹ́ránṣẹ́ tó pé, tó ní, “Màmá, ilẹ̀ ti ṣú mi, ẹ̀rọ ló kọ èyí,” mo fún un ní ọ̀sẹ̀ kan sí i, n kò sì ní kọ orúkọ rẹ̀ síbì kankan.

Mo mọ̀ pé dátà wọ́n, iná kì í sábà dúró, àwọn kan nínú yín sì lówó láti san fún èyí tó dára jù, àwọn kan kò ní. Ìdí nìyí tí a fi sọ pé ọwọ́ ni ẹ máa fi kọ iṣẹ́ méjì àkọ́kọ́, nínú ibi ìkówèésí, láàárín wákàtí mẹ́ta.

Àwa náà ti ṣe àdéhùn tiwa. Kò sí olùkọ́ ẹ̀ka yìí tó máa fi ẹ̀rọ máàkì iṣẹ́ yín. Olùkọ́ tó bá lò ó láti múra ìdánilẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ á sọ fún yín lójú ewé àkọ́kọ́. Tí ẹ bá rí ẹni tí kò ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ wá sọ fún mi, kò sẹ́ni tó máa fìyà jẹ yín.

Akọ̀wé wa á pín ìwé àdéhùn yìí fún yín báyìí, ó wà ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ mú un lọ sílé, ẹ kà á, ẹ buwọ́ lù ú kí ó tó di ọjọ́ Ẹtì. Ọ́fíìsì mi máa ń ṣí sílẹ̀ fún yín ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́bọ̀, láti aago méjì sí mẹ́rin. Ta ló ní ìbéèrè?