Oṣù Tí Mojísọ́lá Kọ̀ Láti Gbá Bọ́ọ̀lù

Olùrànlọ́wọ́ rẹfirí gbé pátákó sókè: 9 jáde, 14 wọlé. Mojísọ́lá kò sáré wọ pápá. Ó tẹ ẹsẹ̀ òsì mọ́ ilà funfun, ó tẹ ọ̀tún tẹ̀ lé e, ó mí kanlẹ̀, ó tó wọlé. Ìyá rẹ̀ ti fi ìborùn bo ojú. Kò pẹ́ tí bọ́ọ̀lù bọ́ sí i lẹ́sẹ̀, tí ẹni tó ń ṣọ́ ọ sì já lù ú. Ariwo dá. Ó fi ẹsẹ̀ òsì yẹn gan-an yí po, ó gbá bọ́ọ̀lù sọ́wọ́ ọ̀tún, ó sì sáré tẹ̀ lé e.

Irú yíyí po bẹ́ẹ̀ ló ṣe é léṣe lọ́dún tó kọjá. Ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Ẹsẹ̀ dúró gbọn-in lórí koríko, ara yí, orúnkún ò bá a yí. “Mo gbọ́ ‘pọ́’,” ó sọ fún mi. “Kí n tó ṣubú ni mo ti mọ̀.” Iṣan àárín orúnkún tí kì í jẹ́ kí egungun ojúgun yọ síwájú ló já. Ó máa ń já lára àwọn obìnrin tó ń gbá bọ́ọ̀lù ju ọkùnrin lọ, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í sì í sí ẹni tó kọ lù wọ́n.

Dókítà mú nínú iṣan ẹ̀yìn itan rẹ̀, ó fi rọ́pò èyí tó já. Ibi tí ewu wà nìyí: iṣan tuntun náà tún máa ń rọ̀ láwọn oṣù àkọ́kọ́, nígbà tí ara ṣì ń tún un mọ. Àsìkò yẹn gan-an ni ìrora ń lọ, tí ìwú ń lọ sílẹ̀, tí elére á ní òun ti yá.

Ìgboyà Mojísọ́lá tó wú mi lórí jù lọ kò sí lórí pápá. Ní oṣù kẹfà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, ẹgbẹ́ rẹ̀ dé ìpele tó kángun sí àṣekágbá, wọ́n sì bẹ̀ ẹ́ kó wá gbá a. Onífísíò tó ń tọ́jú ẹsẹ̀ rẹ̀ ní kó fi ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan fò síwájú. Ibi tí òsì fò dé kò tó ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ti ọ̀tún. Mojísọ́lá ní òun ò gbá a. Ẹgbẹ́ fìdí rẹmi, àwọn kan sì pè é ní ojo.

“Ó dùn mí,” ó ní. “Ṣùgbọ́n mo ti rí Putellas.” Alexia Putellas, agbábọ́ọ̀lù obìnrin ọmọ Sípéènì tó gba Ballon d'Or ní 2021 àti 2022, ṣe irú èṣe yìí ní oṣù keje 2022. Ìparí oṣù kẹrin 2023 ló tó padà sórí pápá.

Mojísọ́lá náà dúró ju oṣù mẹ́sàn-án lọ. Ní báyìí, òun ló ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin kékeré inú ẹgbẹ́ bí wọ́n ṣe ń fò tí wọ́n sì ń balẹ̀: kí orúnkún tẹ̀ díẹ̀, kó má sì wọ inú. Kóòṣì ti pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù títí wọn á fi ṣe é tán.