Ọ̀rọ̀ Ọjọ́ Ìbí fún Ìyá Àgbà, Ẹni 80 Ọdún

Ẹ̀yin àgbà tó wà ní ìjókòó, mo kúnlẹ̀ kí yín láti Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹ kú iná, ẹ kú èéfín. Ẹni tó gbé fóònù yìí sẹ́nu máìkì, jọ̀ọ́, fà á sẹ́yìn díẹ̀, má sì jẹ́ kó kọjú sí sípíkà, kó má baà máa hu mọ́ wa létí.

Ìyá Àgbà, ẹ kú ọjọ́ ìbí o. Ẹ kú oríire.

Fọ́tò kan ló wọlé sórí fóònù láàárọ̀ yìí. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan lábẹ́ rẹ̀. Wọn ò ní ká sọ̀rọ̀, wọn ò ní ká má sọ̀rọ̀. Tí wọ́n bá fi fọ́tò àgbàlagbà ránṣẹ́ sí ará òkè òkun láìsọ nǹkan kan, àyà rẹ̀ á kọ́kọ́ já ná. Ojú Ìyá la kọ́kọ́ wò. Ojú ń dán, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kún. Ọkàn balẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn la wá fẹ fọ́tò náà lójú, a rí ohun tí Ìyá ń ṣe níbẹ̀.

Ojú èèyàn mọ́kànlá la rí nínú fọ́tò yìí. Mẹ́wàá ń wo kámẹ́rà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ìyá ò wo kámẹ́rà. Ìyá di etí ìró ìyàwó tó dúró lápá ọ̀tún wọn mú, wọ́n ti yí inú rẹ̀ síta, wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Àtàǹpàkò yẹn tutù. Ẹni tó bá fẹ fọ́tò náà dáadáa á rí i pé ó ń dán. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé wọ́n ń bá ìyàwó tún ìró ró, ẹ ò tíì mọ ẹni tẹ́ ẹ ń ṣe ọjọ́ ìbí fún. Aládìrẹ ni Ìyá, àyẹ̀wò ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n ń wò ó bóyá aró ni àbí irọ́.

Ìgbìmọ̀ aṣọ ẹbí, ẹ má bínú, ẹ̀rọ ló tẹ aṣọ yín. Ìyá á ti mọ̀ kí wọ́n tó dì í mú. Ẹ wo iṣẹ́ ara rẹ̀: gbogbo igun mẹ́rin-mẹ́rin yẹn dọ́gba bí ìbejì, ìlà kan ò wọ́, ẹyẹ kan ò tóbi ju èkejì lọ. Ta ló lè fi ọwọ́ ya irú ìyẹn? Ẹ yí i padà, inú rẹ̀ funfun, torí ojú kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ kùn. Aró gidi, ìkòkò ló ń wọ̀. Á mu aṣọ já, ẹ̀yìn rẹ̀ náà á dúdú. Àmọ́ a dúpẹ́, àwọ̀ rẹ̀ ò bá àtàǹpàkò Ìyá lọ. Ẹ lè jókòó sórí àga funfun láìbẹ̀rù.

Ẹ wá wo tara wọn. Àdìrẹ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn ni Ìyá ró lọ́jọ́ òní. Àwọn òpó tẹ́ ẹ rí láàárín yẹn, òpó gbọ̀ngàn Màpó ni, ilé tí wọ́n ṣí n'Íbàdàn lọ́dún 1929. Aṣọ funfun abala méjì, yáàdì méjì àtààbọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n rán pọ̀ di ìró kan. Ẹ̀kọ láfún tí wọ́n sè pẹ̀lú álọ́ọ̀mù, tí wọ́n sẹ́ kó má ní kókó, ni wọ́n fi ìyẹ́ adìyẹ ya sórí rẹ̀. Kókó kan ṣoṣo nínú ẹ̀kọ, ìlà ti bàjẹ́ nìyẹn. Tí ẹ̀kọ ò bá gbẹ dénú kí aṣọ tó wọ aró, á yọ́, òpó Màpó á sì di ẹrẹ̀.

Àwọn ọmọ tó ń béèrè ìdí tí èékánná Ìyá fi dúdú nínú fọ́tò, ẹ gbọ́. Kì í ṣe ìdọ̀tí, kì í sì í ṣe láàlì. Wọ́n ń gún ewé ẹ̀lú, wọ́n ń ṣù ú, wọ́n ń sá a kó gbẹ. Wọ́n ń ro omi eérú láti inú ìkòkò tó nídìí lílu sínú èyí tó wà nísàlẹ̀. Wọ́n á pa méjèèjì pọ̀, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ bí ọ̀sẹ̀ kan kó lè kan. Omi eérú tí ò bá múná, aró rẹ̀ kì í di aṣọ mú; wọ́n á fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, á ṣí. Tí aṣọ bá jáde látinú ìkòkò, ewé ló máa ń jọ. Atẹ́gùn ló ń sọ ọ́ di aró lójú yín. Wọ́n á tún rì í bọ aró, wọ́n á tún sá a, títí á fi dúdú bí wọ́n ṣe fẹ́. Ẹni tó bá kánjú, tó ká a pọ̀ kí atẹ́gùn tó fẹ́ sí gbogbo ara rẹ̀, àbàwọ́n ló máa rí. Ọwọ́ tó ṣe èyí fún ọdún tó lé ní àádọ́ta ni ẹ rí nínú fọ́tò yẹn.

Ọdún 1945, ọdún tí ogun Hítílà parí, ni wọ́n bí Ìyá l'Ábẹ́òkúta. Nígbà tí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ń tẹ̀ lé Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti lọ bá Aláké jà lórí owó orí, ẹ̀yìn ìyá wọn ni wọ́n ṣì wà. Ẹnikẹ́ni tó bá ń yà lẹ́nu pé Ìyá kì í san owó tí wọn ò bá ṣàlàyé fún wọn, kí ó má yà á lẹ́nu mọ́. Ẹ bi àwọn agbowó inú ọjà Ìtòkú.

Fọ́tò yìí ṣì kù díẹ̀. Ọmọ kan wà lábẹ́ tábìlì, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan la rí, òun pẹ̀lú ìgò Fáńtà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fà á jáde kí ó tó da nǹkan sí Ìbàdàndùn. Ẹnikẹ́ni kì í da Fáńtà sí i kí ó sùn sílé lọ́jọ́ náà. Lórí kéèkì, òdo tó wà lára 80 ti fẹ́ ṣubú sórí mẹ́jọ. Ẹ tì í sẹ́yìn, kí wọ́n má lọ gé kéèkì ẹni ọdún mẹ́jọ.

Ìyá Àgbà, Ọlọ́run á fún yín lókun sí i. Ẹ ò ní ṣàìsàn, ojú yín ò ní ṣú, ọwọ́ yín ò ní gbọ̀n. Ẹ ó rí ọmọ ọmọ ọmọ yín, ẹ ó sì dá wọn ní ìró kọ̀ọ̀kan. Àwa ọmọ ọmọ ò ní kú mọ́ yín lójú. Àmín o.

Ó yá, ẹ fún wọn lọ́bẹ. Ìyá, ẹ dákun, ẹ fi etí ìró ìyàwó yẹn sílẹ̀ ná, ọwọ́ méjèèjì la nílò. Alága ìjókòó, ẹ máa pe lẹ́tà JESUS lọ́kọ̀ọ̀kan, àwa náà á máa pè é láti ibí. Tí a bá dé S tó kẹ́yìn, kí ọbẹ wọlé.

J!