Bí o ṣe máa lo kúkà gáàsì àti ófìnì ilé wa, àti bí o ṣe máa fọ̀ wọ́n

Bọ́sẹ̀, mo kọ èyí kí o lè máa rí i kà nígbà tí mi ò bá sí nílé. Mo ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù tí iyọ̀ àti máàgì wà. O sọ fún mi pé èédú àti sítóòfù oníkẹrosíìnì ni ẹ ń lò lọ́dọ̀ ìyá rẹ ní Ìjẹ̀dẹ̀. Ọwọ́ rẹ ti mọ iná nìyẹn, ó sì dára. Ṣùgbọ́n èédú kì í fi ara pa mọ́: o máa rí i, o máa gbọ́ èéfín rẹ̀. Gáàsì lè ti jò kún ilẹ̀ kí ojú tó rí nǹkan kan. Ìdí nìyí tí mo fi ń tẹnu mọ́ èyí tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀ lé e. Tí o bá kánjú, oúnjẹ pẹ́ tàbí kò pẹ́, mi ò ní yìn ọ́.

Kí o tó tan iná

Sílíńdà wa, oníkílò 12.5, wà níta lẹ́yìn fèrèsé ilé ìdáná, nínú kéèjì onírin. Rọ́bà gáàsì gba ihò ògiri wọlé wá sẹ́yìn kúkà. Má gbé sílíńdà wọlé láé, bí òjò tilẹ̀ ń rọ̀. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Tó bá jò nínú ilé, ilẹ̀ ló máa ń rọ̀ sí, á lọ kó jọ sí abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù àti kọ̀rọ̀, kò ní gba ojú fèrèsé jáde bí èéfín. Níta, atẹ́gùn ọ̀sà á gbá a lọ.

Láàárọ̀, kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn àti fèrèsé, kí o sì gbóòórùn. Gáàsì fúnra rẹ̀ kò ní òórùn. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi nǹkan olóòórùn sí i ni, kí imú lè bá wa ṣọ́ ọ. Ó máa ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Tí ọ̀fìnkìn bá dí imú rẹ, pe Màmá àgbà kí wọ́n bá ọ gbóòórùn. Wo ojú kúkà dáadáa: kí gbogbo ọwọ́ tí à ń yí wà ní ibi pípa, nítorí Tóbi ti ga tó láti máa fi wọ́n ṣeré. Lẹ́yìn náà ni kí o jáde lọ ṣí sílíńdà. Ọwọ́ òsì ni ṣíṣí, ọwọ́ ọ̀tún ni pípa. Má fi gbogbo agbára yí i.

Di irun rẹ, pàápàá tó bá jẹ́ atáṣímẹ́ǹtì lo fi dì í, torí kì í pẹ́ gba iná. Ìró tó ń jábọ́ àti aṣọ tí apá rẹ̀ gbòòrò kò yẹ níwájú kúkà.

Títan iná orí kúkà

Bọ́tìnnì tó ń ta iná fúnra rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́. Láítà gígùn ni kí o máa lò, ó wà nínú dúrọ́ọ̀ àkọ́kọ́. Iná ló ń ṣáájú gáàsì. Tan láítà, gbé e sún mọ́ bọ́ńnà, kí o tó tẹ ọwọ́ ìyí kí o sì yí i. Má ṣí gáàsì sílẹ̀ kí o wá máa wá láítà kiri. Tí kò bá gbaná kíá, pa á, dúró kí gáàsì tó ti jáde fẹ́ lọ, kí o tó tún gbìyànjú.

Iná tó dára máa ń jẹ́ búlúù, kì í sì í pariwo. Tó bá pupa tàbí tó pọ́n rẹ̀sùrẹ̀sù bí iná àbẹ́là, tí ìdí ìkòkò wá ń dúdú, kò rí afẹ́fẹ́ tó, tàbí ìdọ̀tí ti dí ihò bọ́ńnà. Irú iná bẹ́ẹ̀ tún máa ń tú èéfín olóró tí imú kò lè mọ̀. Pa á kí o sọ fún mi. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ kí fèrèsé wà ní títì nígbà tí a bá ń dáná, ìbáà jẹ́ ìgbà ọyẹ́.

Atẹ́gùn ọ̀sà máa ń wọlé gan-an lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ níhìn-ín, ó sì lè fẹ́ iná pa láìjẹ́ pé o mọ̀. Gáàsì á ṣì máa jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni nǹkan tó bá hó dànù, bíi ìkọ́kọrẹ́ tàbí omi ìrẹsì: ó máa ń pa iná, á sì fi gáàsì sílẹ̀. Torí náà, má kúrò nílé ìdáná lọ wo tẹlifíṣọ̀n, má sì jáde lọ pọn omi. Tí mo bá pè ọ́ nígbà tí o ń dín ẹja, dáhùn pé o ń bọ̀, pa iná, kí o tó wá. Mi ò ní bínú.

Epo gbígbóná

Ibí yìí ni ẹ̀rù ti ń bà mí jù. Má da òróró kún páànù kọjá ìdajì, kí o sì fi aṣọ nu ẹja gbẹ kí o tó jù ú sí i. Tí òróró bá bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín, ó ti gbóná jù, dín iná kù. Tó bá gbaná, MÁ DA OMI SÍ I. Omi á mú kó fọ́n iná ká gbogbo ilé ìdáná. Pa gáàsì tí ọwọ́ rẹ bá lè dé e láìjóná, rọra ti ìdérí bò ó láti ẹ̀gbẹ́, kí o sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀ títí yóò fi tutù. Má gbé páànù náà rìn. Ìdérí ńlá tó wà lórí ìkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fírísà, torí èyí ni mo ṣe gbé e síbẹ̀. Má fi í bo garí.

Yí ọwọ́ páànù sínú, kí Tóbi má bàa fà á. Bọ́ńnà ẹ̀yìn ni kí o máa lò tí Tóbi bá wà nítòsí.

Tí iná bá jó ọ, tàbí omi gbígbóná dà sí ọ lára, fi ibẹ̀ sábẹ́ omi ẹ̀rọ tútù fún 20 ìṣẹ́jú. Epo pupa kọ́, ẹyin kọ́, ọṣẹ ìfọyín kọ́.

Ófìnì

Ṣí ilẹ̀kùn ófìnì ná, kí o sì yẹ inú rẹ̀ wò. Màmá àgbà máa ń tọ́jú páànù síbẹ̀. Fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí ní gbogbo ìgbà tí o bá ń tan iná rẹ̀. Gbé láítà lọ sí ihò tó wà nísàlẹ̀ níwájú, lẹ́yìn náà ni kí o tẹ ọwọ́ ìyí kí o sì yí i. Tó bá ti gbaná, tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ síi fún bí 10 ìṣẹ́jú-àáyá, nítorí irin kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó gbọ́dọ̀ gbóná kí ó tó gbà kí gáàsì máa jáde. Tí o bá sì fi í sílẹ̀ tó kú, yí i pa, jẹ́ kí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí fún 5 ìṣẹ́jú, kí o tó tún un ṣe. Má gbé ojú wọnú rẹ̀ nígbà tí o bá ń tan án. Dúró sí ẹ̀gbẹ́.

Kéèkì ń fẹ́ 180, ẹja sísun ń fẹ́ 200. Má tẹ́ fọ́ìlì sí ìsàlẹ̀ ófìnì, ó ń dí ọ̀nà afẹ́fẹ́. Má fara ti ilẹ̀kùn rẹ̀, má sì gbé ìkòkò wúwo lé e, kúkà náà lè dojú dé. Má lò ó láti gbẹ aṣọ ní ìgbà òjò.

Tí gáàsì bá ń rùn

Má tan iná kankan, má sì pa iná mànàmáná. Má fọwọ́ kan súwíìṣì, má tan fáànù, má pa jẹnẹrétọ̀, má fi fóònù pè láti inú ilé. Iná kékeré tí kò ju ti èèrà lọ nínú súwíìṣì ti tó. Ohun tí o máa ṣe ni pé kí o pa ọwọ́ ìyí kúkà, ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, gbé Tóbi, pe Màmá àgbà, kí ẹ sì jáde. Pa sílíńdà tí o bá ti dé ìta, bí òórùn ibẹ̀ kò bá pọ̀. Ẹ lọ dúró lẹ́yìn géètì, níbẹ̀ ni kí o ti pè mí. Tí iná bá sọ, pe 112 tàbí 767, sọ pé Ìgbógbó ní Ìkòròdú ni, kí o sì ṣàlàyé òpópónà wa. Má pada wọlé torí ohunkóhun.

Tí alágáàsì bá mú sílíńdà tó kún dé, jẹ́ kí wọ́n gbé e ní òòró, kì í ṣe ní ìdùbúlẹ̀ lórí ọ̀kadà. Da ọṣẹ olómi mọ́ omi, fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún sí orí rẹ̀, régúlétọ̀ àti ojú ìsopọ̀ rọ́bà. Tó bá ń hó fùkẹ̀fùkẹ̀, ó ń jò. Iná ìṣáná kọ́ ni a fi ń yẹ̀ ẹ́ wò, o!

Fífọ̀

Ojoojúmọ́, nígbà tí kúkà bá ti tutù, fi aṣọ tó rin díẹ̀ nù ún. Ẹja òbòkún tí a ń dín máa ń fi òróró sílẹ̀ káàkiri, òróró tó gbẹ mọ́ kúkà sì ń gbaná.

Ọjọ́ Sátidé ni fífọ̀ gidi. Pa sílíńdà kọ́kọ́, kí o tó kan ohunkóhun, kí o sì dúró kí ohun gbogbo tutù. Yọ irin ìgbé-ìkòkò àti ìdérí bọ́ńnà, rẹ wọ́n sínú omi lọ́wọ́wọ́ọ́ àti ọṣẹ olómi fún bí ìdajì wákàtí. Báákín sóódà máa ń mú bọ́ńnà wa dúdú, ìsàlẹ̀ ófìnì nìkan ni kí o fi í sí. Ihò bọ́ńnà tó bá dí, abẹ́rẹ́ ni kí o fi gún un. Igi ìtayín lè ṣẹ́ sínú rẹ̀. Rọra fọ̀ ẹ̀gbẹ́ ohun funfun kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ńnà, ó máa ń fọ́. Má da omi sí ojú kúkà, aṣọ ni kí o fi nù ún. Kí bọ́ńnà gbẹ dáadáa kí o tó dá a padà, kí ìdérí rẹ̀ sì jókòó gún, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, iná á máa gba ẹ̀gbẹ́ kan nìkan.

Fún ófìnì, yọ àwọn àwo àti irin inú rẹ̀. Po báákín sóódà mọ́ omi kó ki, fi kùn ibi tó dúdú, fi sílẹ̀ mọ́jú, kí o wá fi fóòmù nù ún kúrò. Má kan àwọn ihò iná. Gíláàsì ilẹ̀kùn tó ṣì gbóná, má fi omi tútù kàn án, ó lè fọ́. Kẹrosíìnì àti pẹtiróòlù kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀ rárá, bákan náà ni fílíìtì, kó máa gbé kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìwẹ̀. Má po búlíìṣì tí a fi ń fọ aṣọ funfun mọ́ ohun ìfọ̀ ṣáláńgá, èéfín wọn ń pa ènìyàn.

Lálẹ́, kí o tó sùn, pa sílíńdà níta, kí o sì wo ọwọ́ ìyí lẹ́ẹ̀mejì. Ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀, a jọ máa fọ ófìnì. Má dá a bẹ̀rẹ̀ kí n tó ti ọjà Sábó dé.