Ìbéèrè lórí ìwé "Ẹ Dáwọ́ Iṣẹ́ Dúró" àti àtúnṣe àwòrán ilé tó wà lọ́dọ̀ yín

Pulọ́ọ̀tì 14, Bulọ́ọ̀kù D.
Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 6, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025.

Ọ̀gá Àgbà,
Ọ́fíìsì Àṣẹ Ilé Kíkọ́.

Ọ̀gá wa,

ÌWÉ "Ẹ DÁWỌ́ IṢẸ́ DÚRÓ" TÍ WỌ́N LẸ̀ MỌ́ FẸ́ǸSÌ WA NÍ ỌJỌ́ 3, OṢÙ KẸWÀÁ: NỌ́ŃBÀ ÀṢẸ WA NI 0417/2025

Ẹ kú iṣẹ́. Èmi ni mo ni ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ní pulọ́ọ̀tì tí mo kọ sókè yìí. Ohun tí kò ṣeé dúró dè ni mo fẹ́ kọ́kọ́ bi yín, kí n tó wá sórí àwọn yòókù.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 2 oṣù yìí, a da kọnkéré dẹ́kìn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, àwọn òṣìṣẹ́ yín dé, wọ́n lẹ ìwé mọ́ fẹ́ǹsì, wọ́n sì fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ògiri. Mo ní kí gbogbo oníṣẹ́ máa lọ sílé lójú ẹsẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan nǹkan kan níbẹ̀, àní omi pàápàá. Omi yẹn gan-an ló mú mi jókòó kọ lẹ́tà yìí. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé wọ́n gbọ́dọ̀ máa bomi rin kọnkéré tuntun fún ọjọ́ méje, ó kéré tán. Bí oòrùn bá fà á gbẹ kó tó gbó, á sán, kò sì ní le tó bó ṣe yẹ. Òní ló pé ọjọ́ mẹ́rin. Ọmọ tó ń ṣọ́ ibẹ̀ kọ̀ láti gbé korobá, ó ní ìwé sọ pé ẹni tó bá ṣiṣẹ́ ti rúfin. Mi ò lè bá a wí, nítorí ohun tí ìwé náà sọ nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé iṣẹ́ ni bíbomi rin dẹ́kìn jẹ́ lójú yín?

Ohun méjì mìíràn wà tó fara jọ ọ́. Kòtò sọkawéè tí a gbẹ́ jìn tó mítà 2.5, kò ní ìdérí, ògiri rẹ̀ ò sì tíì ní búlọ́ọ̀kù. Òjò méjì ti rọ̀ sínú rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan sì ti ń ya. Mo fẹ́ kí káfíńtà fi pákó dé e, kí wọ́n sì fi nǹkan yí i ká kí ọmọdé má baà já sí i. Èkejì ni àwọn ọ̀pá tí a fi ti dẹ́kìn láti ìsàlẹ̀. A ò ní yọ ọ̀kankan, ṣùgbọ́n ẹnjinníà wa sọ pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa wọlé lójoojúmọ́ wò wọ́n bóyá ọ̀kan ti yẹ̀. Bí ìwé yín bá ka ìyẹn náà léèwọ̀, ẹ fún mi ní ìwé mìíràn tó sọ ẹni tí n óò dá lẹ́bi bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀.

Ìwé náà fúnra rẹ̀ ò yé mi. Pulọ́ọ̀tì 41 ni wọ́n kọ sí i, ti wa sì ni 14. Àyè tó yẹ kí nọ́ńbà àṣẹ wà ṣófo. Mi ò fẹ́ fi ẹlòmíràn sùn o, mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá èmi ni wọ́n ń bá wí. Nínú àwọn ẹ̀sùn tí wọ́n tẹ̀ sórí rẹ̀, wọ́n fàmì sí méjì: "kíkọ́ ilé láìgbàṣẹ" àti "kíkọ́ ilé lọ́nà tó yàtọ̀ sí àwòrán tí a fọwọ́ sí". Méjèèjì ò lè jẹ́ òótọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí kò gbàṣẹ kò ní àwòrán tí yóò yà kúrò lórí rẹ̀.

Ní ti àkọ́kọ́, àṣẹ wà. Ọjọ́ 18, oṣù Kẹta, ọdún 2025 lẹ fọwọ́ sí i. Ẹ ti wá yẹ ìpìlẹ̀ wò ní ọjọ́ 20, oṣù Karùn-ún, ẹni tó wá sì buwọ́ lù ú nínú ìwé àbẹ̀wò wa. Kí a tó da dẹ́kìn, a mú lẹ́tà wá fún yín ní ọjọ́ 26, oṣù Kẹsàn-án, pé kí ẹ wá wo irin. Òǹtẹ̀ yín wà lórí ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ mi. A retí yín títí di Ọjọ́rú, ẹnikẹ́ni ò yọjú.

Ní ti ẹ̀sùn kejì, mo ní ohun tí mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́. Nínú àwòrán tí ẹ fọwọ́ sí, apá ìwọ̀ oòrùn ni àtẹ̀gùn wà. Nígbà tí a ń gbẹ́ ìpìlẹ̀, a bá àpáta níbẹ̀, ẹnjinníà sì gbà wá nímọ̀ràn pé kí a gbé àtẹ̀gùn lọ sí apá ìlà oòrùn. Ọjọ́ 14, oṣù Keje ni mo mú àwòrán tí a tún yà wá sọ́dọ̀ yín, mo san owó rẹ̀, mo sì gba rìsíìtì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti wá béèrè. Èsì kan náà ni mo ń gbà, pé fáìlì "wà lórí tábìlì ọ̀gá". Ojú ìwé yín lórí íńtánẹ́ẹ̀tì náà ò kọ ju "ó ń lọ lọ́wọ́" lọ. Nígbà tí a wá da dẹ́kìn, a fi àyè àtẹ̀gùn sílẹ̀ níbi tuntun kí ẹ tó dá wa lóhùn. Ó yẹ kí a dúró. Bí ohun tí ẹ bínú sí bá nìyẹn, mo gbà, ẹ sọ ọ́ kedere, kí n sì mọ ohun tí ẹ fẹ́ kí a ṣe.

Àmọ́ bó bá jẹ́ àyè tó wà láàárín ilé àti ààlà ni, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Òṣìṣẹ́ yín kan sọ fún alágbàṣe wa pé ilé ti sún mọ́ ọ̀nà jù. Mítà 6 ni ẹ fún wa. Láti òpó ààlà tí sọ̀fíyọ̀ rì, mítà 6.1 ló jẹ́ títí dé ara ògiri. Láti ara fẹ́ǹsì ni òṣìṣẹ́ yẹn ti fa téèpù, fẹ́ǹsì náà sì wọlé díẹ̀ sínú ilẹ̀ wa. Ẹ jẹ́ kí sọ̀fíyọ̀ tiwa àti tiyín jọ wọ̀n ọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé dá mi lóhùn lórí ẹ̀sùn tí ìwé náà dúró lé, ibi tí àtúnṣe oṣù Keje dé, àti bóyá gbogbo ilé ni ẹ dá dúró tàbí apá àtẹ̀gùn nìkan. Bí owó ìtanràn bá wà, ẹ kọ iye rẹ̀ àti ohun tó wà fún. Mi ò ní san èyí tí wọ́n bá fi ẹnu lásán bù fún mi. Ní ti omi, kòtò àti àwọn ọ̀pá, mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kó dọ̀la. Ẹ lè fi èsì ìyẹn rán ẹni tó bá mú lẹ́tà yìí wá. Mo ní kó dúró gbà á.

Ẹ̀dà àṣẹ, ìwé àbẹ̀wò ìpìlẹ̀, lẹ́tà olóǹtẹ̀, rìsíìtì àti àwòrán ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ fẹ́ǹsì wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Adéoyè,
Onílẹ̀ Pulọ́ọ̀tì 14, Bulọ́ọ̀kù D.