Ẹ̀bẹ̀ láti tún ètò sísan owó tí mo yá ṣe

Kétu, ọjọ́ 12 oṣù kejì 2024

Sí Olórí Ẹ̀ka,
Ilé Ìfowópamọ́ àti Ìyáwó,
Kétu.

Ọ̀rọ̀ lórí owó 1,500,000 sẹ́fà tí mo yá ní oṣù kẹrin 2023

Ọ̀gá wa,

Mo kí yín o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ooru yìí. Èmi Ìyábọ̀ Ọdúnlámì, tí mo ń ta aṣọ ní ọjà Kétu, ni mo ń kọ ìwé yìí sí yín. Mo bẹ̀ yín kí ẹ bá mi dín owó tí mo ń san lóṣooṣù kù, kí ẹ sì fi kún iye oṣù tí mo máa fi san án. N kò bẹ̀ yín pé kí ẹ fi gbèsè jì mí. Gbogbo owó tí mo yá ni mo máa san, pẹ̀lú èlé rẹ̀. Bí ọjà ṣe wà báyìí ni kò jẹ́ kí n lè san án bí a ṣe kọ ọ́ sínú ìwé.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rán yín létí àdéhùn wa. 24 oṣù ni ẹ fún mi, 77,500 sẹ́fà lóṣù, ní ọjọ́ 28 oṣù kọ̀ọ̀kan. 62,500 nínú rẹ̀ jẹ́ ojú owó, 15,000 jẹ́ èlé. Láti oṣù karùn-ún 2023 títí di oṣù tó kọjá, mo ti san án lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án, ìkankan kò pẹ́. Owó tó ti wọ ọwọ́ yín jẹ́ 697,500. Ó ku ẹ̀ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ojú owó tó ṣẹ́kù sì jẹ́ 937,500.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé èyí kọ́ ni owó àkọ́kọ́ tí mo máa yá lọ́wọ́ yín. Nígbà tí mo gba 400,000 ní ìbẹ̀rẹ̀ 2019, Nàìjíríà ti bodè ní oṣù kẹjọ ọdún náà, a kò sì gbọ́ pé wọ́n ń ṣí i títí di oṣù kejìlá 2020. Àwọn oníbàárà mi láti Ìmẹ̀kọ kò lè kó aṣọ kọjá mọ́. Mo fi ẹsẹ̀ wọ́lẹ̀, mo san án tán. Nítorí náà mo mọ ohun tí ọjà tó dá dúró ń jẹ́, mo sì mọ̀ pé èyí tó dé yìí yàtọ̀ sí i. Nígbà yẹn ènìyàn ló ti ilẹ̀kùn, ẹni tó tì í ló sì tún ṣí i. Lọ́tẹ̀ yìí ilẹ̀kùn ò tì, owó àwọn tó ń bá wa rajà ló rọ.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Ní òpin oṣù karùn-ún 2023, ìjọba Nàìjíríà yọ ìrànwọ́ orí epo pẹtiróòlù. Ní oṣù tó tẹ̀lé e wọ́n sì fi náírà sílẹ̀ kó máa wá iye ara rẹ̀ lọ́jà. Oṣù kan péré ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í san owó yín nígbà náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, bí ènìyàn bá gbé 1,000 náírà wá, nǹkan bíi 800 sẹ́fà ló ń dà lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣẹ́ owó. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nǹkan bíi 400 ni wọ́n fún mi. Kútọnu ni mo ti ń ra aṣọ, ní Tọ́kpá, sẹ́fà ni mo sì fi ń rà á. Àǹkárá ọ̀pá mẹ́fà tí mo ń tà ní 10,000 sẹ́fà, 12,500 náírà ni obìnrin Ìmẹ̀kọ ń san lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lónìí, bí n kò tilẹ̀ fi kọ́bọ̀ kún un, 25,000 náírà ni. Owó oṣù rẹ̀ kò di ìlọ́po méjì.

Ní ọjọ́ ọjà tó kọjá, ìyá kan tó ti ń rajà lọ́wọ́ mi ju ọdún mẹ́fà lọ wá. Ó fẹ́ aṣọ ẹbí fún ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Ó tú aṣọ aláwọ̀ ewé kan sílẹ̀, ó fi ọwọ́ pa á, ó gbé e sí èjìká, ó sì béèrè iye rẹ̀ ní náírà. Mo sọ. Kò bínú, kò ná an. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká a padà, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ibi tó ká kó má baà rún, bíi pé tirẹ̀ ni. Ó ní, "Ìyá Wálé, ẹ má bínú, a ó máa rí ara wa." Ogún ni ì bá rà. Ọ̀kan kò kúrò lórí àtẹ. Bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ ọjà mi ń rí látìgbà òjò tó kọjá.

Mo ti kọ èrè mi sílẹ̀ fún yín, lẹ́yìn tí mo yọ owó aṣọ, owó ṣọ́ọ̀bù àti owó ọkọ̀. Kí èyí tó bẹ̀rẹ̀, 185,000 ni mo máa ń rí lóṣù. Ní oṣù kẹwàá 2023 mo rí 110,000. Ní oṣù kọkànlá, 96,000. Oṣù kejìlá, tí ọdún Kérésì gbé e sókè díẹ̀, 121,000. Oṣù kìíní ọdún yìí, 78,000. Bí a bá pín in, 101,250 ni lóṣù. Oúnjẹ ilé jẹ́ 34,000, owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ méjì tí mo ń yà sọ́tọ̀ jẹ́ 8,000, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá mi 7,500, iná àti omi 6,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 55,500. Ohun tó kù jẹ́ 45,750.

Ẹ máa béèrè bí mo ṣe ń san 77,500 láti ọdún tó kọjá, nígbà tí ohun tó kù kò tó bẹ́ẹ̀. Àjọ ni. 130,000 tó bọ́ sí mi lọ́wọ́ ní oṣù kẹwàá ni mo fi ń dí i, oṣù lóṣù. 127,000 ti bá a lọ. 3,000 ló kù. Owó yẹn ni mo ti ṣètò láti fi tún òrùlé yàrá ìyá mi ṣe kí òjò tó dé. N kò sọ èyí kí ẹ ṣàánú mi. Mo sọ ọ́ kí ẹ mọ̀ pé ọjọ́ 28 oṣù yìí ni n kò ní ibi tí mo máa yọ owó náà láti inú rẹ̀ mọ́.

Mo ti gé ohun tí mo lè gé. Ṣọ́ọ̀bù kejì tí mo ní ní Ìlara, mo dá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ padà fún onílé ní òpin oṣù kọkànlá. Mo ti ń ra aṣọ olówó kékeré, èyí tí àwọn ará Kétu fúnra wọn lè rà ní sẹ́fà, mo sì ń gbé e lọ sí Pobẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ó ń mú díẹ̀ wá. Bàbá àwọn ọmọ ń ṣe oko, àgbàdo rẹ̀ la sì ń jẹ. Mo mọ̀ pé ó máa ràn mí lọ́wọ́ bí ó bá tà, àmọ́ n kò fi í sínú ìṣirò yìí, nítorí pé òjò ló máa pinnu rẹ̀.

Èyí ni ohun tí mo ń bẹ̀ fún. Kí ẹ pín 937,500 tó kù sí 30 oṣù. Ìyẹn jẹ́ 31,250 lóṣù. Kí èlé jẹ́ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ojú owó tó kù yìí lóṣù, bí a ti ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀, ìyẹn 9,375. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 40,625 lóṣù, láti ọjọ́ 28 oṣù kejì yìí títí di oṣù keje 2026. Bí a bá tẹ̀lé ìwé àtijọ́, èlé tí ẹ máa rí gbà ní oṣù 15 tó kù jẹ́ 225,000. Nínú èyí tí mo bẹ̀ fún, ó máa di 281,250. Mo mọ̀ pé mo máa san 56,250 sí i, mo sì fara mọ́ ọn.

Mo ti ṣírò bó ṣe máa rí bí a bá pín owó tó kù yìí sí 24 oṣù. 48,437 ló máa jẹ́ lóṣù, ó sì ju 45,750 tó ń kù mí lọ́wọ́ lọ. N kò fẹ́ buwọ́ lu ìwé kan tí mo ti mọ̀ láti òní pé mi ò lè mú ṣẹ.

Mo sì tún bẹ̀ yín sí nǹkan méjì. Kí ẹ má ka owó ìtanràn sí mi lọ́rùn ní àkókò tí ẹ bá fi ń gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò. Yálà ẹ ti dáhùn tàbí ẹ kò tíì dáhùn, mo máa gbé 40,625 wá ní ọjọ́ 28. Ìkejì, kí a jókòó ní oṣù kẹjọ ọdún yìí, kí ẹ wo ìwé ọjà mi. Bí náírà bá gbéra tàbí tí ọjà Pobẹ̀ bá dára, mo máa fi kún un, kí ẹ sì gbà mí láàyè láti san tán ṣáájú ọjọ́ láìsí ìtanràn.

Bí ẹ bá fi dandan lé 77,500, ohun kan ṣoṣo ni mo lè ṣe: kí n ta aṣọ tó wà nílẹ̀ ní ìtakútà. Mo kà wọ́n ní ọjọ́ Àìkú, 46 ni. 8,500 ni mo ra ọ̀kọ̀ọ̀kan, 391,000 lápapọ̀. Iye tí wọ́n ń dá mi lóhùn bí mo bá fẹ́ tà kíákíá jẹ́ 6,000, ìyẹn 276,000. Owó oṣù mẹ́ta àti díẹ̀ ni yóò jẹ́ fún yín. Lẹ́yìn rẹ̀ àtẹ mi á ṣófo, ibi tí ìyókù yóò ti wá kò sí mọ́.

Ohun tó ń mú mi láìsùn jù ni àwọn méjì tó dúró fún mi. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ opó, ẹ̀wà ló ń sè tà. Ó fi ìka tẹ ìwé nítorí pé ó gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́. Mo ti lọ bá àwọn méjèèjì nílé, mo ti sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí fún wọn kí n tó kọ ìwé yìí. Jọ̀wọ́, bí ìṣòro bá wà, èmi ni kí ẹ kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí. 150,000 tí mo fi dógò lọ́dọ̀ yín, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ títí tí mo máa fi san owó ìkẹyìn.

Mo ti fi ẹ̀dà ìwé ọjà mi oṣù mẹ́rin, rìsíìtì mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, àti ìwé tí onílé Ìlara fi gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sínú àpòòwé yìí. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń wá gba owó lọ́wọ́ wa mọ ṣọ́ọ̀bù mi. Bí ẹ bá fẹ́ rán an wá wo àtẹ àti ìwé ọjà, ilẹ̀kùn mi ṣí. Mo lè wá sí ọ́fíìsì yín ní ọjọ́kọ́jọ́ tí kì í bá ṣe ọjọ́ ọjà, láti aago mẹ́jọ àárọ̀.

Mo ń dúró de èsì yín.

Èmi ni tiyín pẹ̀lú ọ̀wọ̀,

Ìyábọ̀ Ọdúnlámì (Ìyá Wálé)
Aláṣọ, ọjà Kétu
Nọ́ḿbà ìwé ìyáwó: 0417