Káàárọ̀ láti Ìbàdàn, Boa noite láti Bàhíà

Ọjọ́rú, 18 oṣù kẹfà, 6:05 àárọ̀, Ìbàdàn

Ìyá Móyọ̀, Àbẹ̀kẹ́ mi, mo ka ohun tí o kọ lálẹ́ àná. Òótọ́ ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń fi àwòrán òdòdó kan náà kí ọ, èyí tí gbogbo ayé ń fi kí ara wọn. Má bínú, olólùfẹ́ mi. Láti òní lọ, n kò ní kí ọ láìsọ ohun kan tí ojú mi rí lọ́jọ́ náà. Ti òní rèé: òjò ti ń rọ̀ láti aago mẹ́rin, ó wẹ gbogbo Mọ́kọ́lá mọ́, òrùlé dídípẹtà iwájú ilé wa sì ń dán bíi ti ilé tuntun. Aago méjì òru ni lọ́dọ̀ rẹ. Kí ọ̀rọ̀ yìí dúró dè ọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Bom dia, káàárọ̀, meu amor. Acorda devagar: rọra jí, má sáré.

Ọjọ́rú, 10:20 alẹ́, Bàhíà

Bàbá Móyọ̀, olówó orí mi, ẹ ṣé gan-an. Mo ka á nínú bọ́ọ̀sì, mo tún un kà. Èmi náà rí nǹkan lónìí. Nítòsí yunifásítì, ìyá kan wọ aṣọ funfun láti orí dé ẹsẹ̀, ó ń dín àkàrà nínú epo pupa. Acarajé ni wọ́n ń pè é. Bó bá yọ ọ́ tán, á là á láàárín, á ki edé àti ọbẹ̀ vatapá sí i. Mo sọ fún un pé àkàrà là ń pè é nílé wa, ló bá tún fi edé díẹ̀ lé e fún mi. Láti 2005 ni ìjọba Bùràsíìlì ti kọ iṣẹ́ àwọn ìyá alákàrà yìí mọ́ ogún orílẹ̀-èdè wọn. Òórùn epo náà ṣì wà lọ́wọ́ mi bí mo ṣe ń tẹ èyí. Ẹ bá mi gbé Móyọ̀ mọ́ra. Boa noite, ó dàárọ̀, meu dengo.

Ọjọ́bọ̀, 5:50 àárọ̀, Ìbàdàn

Kí ló ń jẹ́ dengo? Ó ti dùn mọ́ mi lẹ́nu kí n tó mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ọmọ rẹ ń wá ìbọ̀sẹ̀ kan, èkejì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bom noite, torí ilẹ̀ ò tíì mọ́ lọ́hùn-ún.

Ọjọ́bọ̀, 6:40 àárọ̀, Bàhíà

Ẹ kú ìyálẹ̀ta o, torí káàárọ̀ ti ń kọjá lọ lọ́dọ̀ yín. Boa noite ni, ọkọ mi, kì í ṣe bom. Òru jẹ́ abo nínú èdè wọn, ọjọ́ jẹ́ akọ. Dengo ni ìkẹ́, irú èyí tí ẹ máa ń fi ọwọ́ rá Móyọ̀ lẹ́yìn títí oorun á fi gbé e lọ. Èmi náà ń fẹ́ ẹ. Bom dia!

Ọjọ́bọ̀, 10:30 alẹ́, Ìbàdàn

Mo ti ń ronú sí ẹ̀kọ́ rẹ láti àárọ̀, lórí maṣíìnì. Ọjọ́ jẹ́ akọ, òru jẹ́ abo. Wákàtí mẹ́rin ni ojúmọ́ fi ń ṣáájú dé ọ̀dọ̀ tèmi, ọ̀dọ̀ rẹ sì ni òru ń kẹ́yìn sí. Ìyẹn ni pé èmi ni mò ń gba ọjọ́ wọlé, ìwọ ni o ń ti ìlẹ̀kùn lálẹ́. N kò rí iṣẹ́ ilé tí a pín dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí. Oníbàárà kan gbé àdìrẹ Ìbàdàndùn wá lónìí, ti gidi, ti ẹlẹ́kọ, pẹ̀lú òpó gbọ̀ngàn Màpó àti ṣíbí láàárín wọn. Ó ṣẹ́ kù díẹ̀ lára rẹ̀, ó ní kí n mú un. Gèlè ni mo fi rán, tìrẹ ni. Ó dàárọ̀, Àbẹ̀kẹ́. Até amanhã, se Deus quiser: ó dọ̀la, bí Ọlọ́run bá fẹ́.

Ẹtì, 7:10 àárọ̀, Bàhíà

Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Móyọ̀. Funfun ni mo wọ̀ lónìí. Ọjọ́ Ẹtì ni ọjọ́ Òòṣàálá níbí, Oxalá ni wọ́n ń kọ ọ́, àti ẹni tó ń bọ ọ́ àti ẹni tí kì í bọ ọ́ ló ń wọ funfun. Bí mo ṣe wọ bọ́ọ̀sì báyìí, tí mo rí gbogbo aṣọ wọ̀nyẹn, ẹ̀yin ni mo rántí, pẹ̀lú ẹfun tí ẹ fi ń sàmì sára aṣọ. Bom dia. Um cheiro! Imú ni àwọn ará ibí fi ń kí ara wọn: ẹni tí wọ́n fẹ́ràn, wọ́n ń gbóòórùn ọrùn rẹ̀. Mo ti gbóòórùn yín.

Ẹtì, 11:15 alẹ́, Ìbàdàn

Iná ti lọ. Fóònù mi fẹ́ kú. Um cheiro. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ.

Àbámẹ́ta, 10:50 alẹ́, Bàhíà

N kò rí káàárọ̀ yín lónìí, mi ò sì bínú, mo mọ̀ pé iná ni. Ṣùgbọ́n ilé ṣófo. Tiwa ni pé àárò ń sọni. Tiwọn ni pé wọ́n wà pẹ̀lú rẹ̀: estou com saudade, bí ìgbà tí èèyàn gba àlejò. Àlejò náà jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, kò jẹun, kò sọ̀rọ̀. Òjò ń rọ̀ sórí òkun. Ẹ jọ̀ọ́, nígbà tí iná bá dé, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ohùn yín. Estou com saudade de você.

Àìkú, 6:00 àárọ̀, Ìbàdàn

Má sunkún, ìyàwó mi. Iná dé ní ìdájí. Mo ti fi ohùn ránṣẹ́, Móyọ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan tí o kọ́ mi lóṣù tó kọjá ni mo fẹ́ fi kí ọ, madrugada, láti ọ̀gànjọ́ títí di àfẹ̀mọ́júmọ́. Ibẹ̀ lo wà nísinsìnyí. Boa madrugada. Lé àlejò yẹn jáde, sọ fún un pé ọkọ rẹ ní kó máa lọ.

Àìkú, 9:40 alẹ́, Bàhíà

Ó ti lọ. Ẹ sùn re.

Ajé, 23 oṣù kẹfà, 9:45 alẹ́, Ìbàdàn

Àgbàdo tuntun ti kún Bódìjà. A sè é, a fi àgbọn jẹ ẹ́, Móyọ̀ jẹ mẹ́ta. Mo fi ọ̀kan pamọ́ fún ọ títí ó fi tutù, kí n tó rántí pé o ò sí nílé. Boa noite, olólùfẹ́ mi.

Ìṣẹ́gun, 2:00 òru, Bàhíà

Bàbá Móyọ̀, n kò tíì sùn! Àìsùn São João ni, ọdún Jòhánù Mímọ́. Wọ́n dá iná sí iwájú ilé gbogbo ní òpópónà wa, wọ́n ń jó forró, ẹ sì mọ ohun tí wọ́n fi lé mi lọ́wọ́? Àgbàdo sísè àti ẹ̀pà sísè. Tí ẹ fi pamọ́ fún mi ló rìn dé ibí. Aago mẹ́fà ti lù lọ́dọ̀ yín, ẹ ti dìde. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó bọ́ sójú ẹ̀: ẹ káàárọ̀, ọkọ mi. Ṣé dáadáa lẹ jí?

Ìṣẹ́gun, 6:01 àárọ̀, Ìbàdàn

A jí dáadáa. Boa noite, Àbẹ̀kẹ́. Lọ sùn. Dúró ná, ọmọ rẹ fẹ́ tẹ nǹkan.

bom dia mamãe